Ẹ̀rọ Gbohùngbohùn Ò Lè Bá Yín Dúpẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwa Yorùbá tó ń gbé ní Kùmásì, pàápàá ní agbègbè oríta Anlóga tí gbogbo ayé ń pè ní Anloga Junction. Bí ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó bá parí, tí àgbàlagbà kan bá bi bàbá ọmọ tàbí ọkọ ìyàwó léèrè pé ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ kiri, èsì tó máa gbọ́ ni pé: "A ti dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn lórí gbohùngbohùn." Bó bá tún bèèrè, wọ́n á ní: "Ṣebí gbogbo wọn ló gba ike." Bó bá bèèrè lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á na fóònù sí i: àwòrán ọmọ nínú aṣọ funfun rèé, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ gbọọrọ sì rèé lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé sórí Wáásáàpù fún ẹnikẹ́ni tó bá ráyè kà á. Ó parí nìyẹn. Wọ́n ti dúpẹ́, gbèsè ti kúrò lọ́rùn wọn.

Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Ohun tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù ni pé àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ọmọdé nìkan mọ́. Àwọn àgbà tó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sí i, torí wọn ò fẹ́ kí wọ́n pe àwọn ní ará àtijọ́. Èmi ò ní mi orí sí i.

Ṣùgbọ́n agbọ́ẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Kí n tó fèsì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ wọn bí àwọn fúnra wọn ṣe máa rò ó.

Wọ́n ní ọpẹ́ ti wáyé níbi ìnáwó fúnra rẹ̀. Kí àwọn èèyàn tó tú ká, adarí ètò ti fi orúkọ ìdílé bàbá àti ti ìyá dúpẹ́, bàbá ọmọ ti dìde, ó ti tẹrí ba, alfa sì ti fi àdúrà dé e. Kí ló tún kù? Wọ́n ní yàtọ̀ sí ti ẹnu, ọwọ́ náà ti dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó lọ lọ́wọ́ òfo: oúnjẹ wà nínú ike, táwẹ̀lì tàbí abọ́ wà nínú ọ̀rá, orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ sì wà lára rẹ̀. Owó ni wọ́n fi rà á. Ẹni tó ra ẹ̀bùn fún àlejò rẹ̀, báwo la ṣe máa sọ pé kò dúpẹ́?

Wọ́n tún ní ìlú ti fẹ̀. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń dúpẹ́ láti ilé dé ilé, inú Zongo ni ọ̀pọ̀ Yorùbá wà, ilé ò jìnnà sílé. Lónìí, ẹnì kan ń gbé Aboabo, ẹnì kejì wà ní Tafo, ẹnì kẹta ti kọ́lé sí ọ̀nà Ejisu, àwọn mìíràn sì wà ní Àkírà, ní Ìbàdàn àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó ń ṣí ìsọ̀ ní Kejetia láàárọ̀, tí kò tì í títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ìgbà wo ló fẹ́ rìn dé gbogbo ibi wọ̀nyí? Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní oríta Anlóga nìkan tó láti gba ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Èyí tó wúwo jù nínú àwíjàre wọn ni ti owó. Wọ́n ní bí a bá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé torí owó tí wọ́n fún wa, ńṣe là ń fi owó wọn èèyàn. Ẹni tó mú 20 sídì wá á máa wojú ẹni tó mú 500 wá, ojú á sì máa tì í. Ọpẹ́ kan ṣoṣo fún gbogbo èèyàn, wọ́n ní, ni kì í jẹ́ kí olówó ga ju tálákà lọ. Èrò tó dára ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dúró, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó kù ò ṣe dúró.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí gbohùngbohùn. Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí adarí ètò ń dúpẹ́? Àárọ̀ la máa ń sọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà tó wá fún iṣẹ́ gan-an, àwọn tó tọ́ oyin àti iyọ̀ wò, tí wọ́n pe orúkọ ọmọ, tí wọ́n sì fi owó sínú abọ́ lé orúkọ tí wọ́n fún un, púpọ̀ nínú wọn ti gba ọjà lọ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn rárá. Àwọn obìnrin tó ti ń dáná láti òru wà lẹ́yìn ilé nídìí ìkòkò. Èéfín ló wà lójú wọn, wọn ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń wí níwájú. Àwọn tó fi owó ránṣẹ́ láti Tamale ò sí ní ìlú. Ta ló wá kù lábẹ́ kánópì? Àwọn tó ń dúró de oúnjẹ ni, àwọn náà ò sì gbọ́, torí ibi tí ọlọ́ọ̀rá ti ń bọ̀ ni wọ́n kọjú sí. Àwọn tí ọpẹ́ tọ́ sí jù ni ọpẹ́ orí gbohùngbohùn kì í bá nílé.

Ta ló tiẹ̀ ń dúpẹ́ ọ̀hún? Ẹni tí wọ́n fi owó pè ni. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á fi ọ̀rọ̀ kan náà dúpẹ́ fún ìdílé mìíràn, orúkọ nìkan ni yóò pààrọ̀. Kò mọ̀ pé ìyá tó jókòó sọ́wọ́ ẹ̀yìn ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lọ́jọ́ tí ọjà ń tà. Kò mọ̀ pé bàbá tó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ yẹn ò tíì jáde láti oṣù méjì, àfi ọjọ́ yẹn. Bàbá ọmọ ló mọ̀, òun ló sì yẹ kó sọ ọ́. Àwọn àgbà tó ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà, mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọpẹ́ ọjọ́ ìnáwó, ara ìnáwó ni, bí ìlù àti oúnjẹ ṣe jẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá tún mọ́, tí ìlù ti dákẹ́, tí kò sí ẹni tó ń wò ọ́, tí o wá gbéra lọ sílé ẹni tó ṣe ọ́ lóore, ìgbà yẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúpẹ́.

Ẹ̀bùn ìrántí ńkọ́? Ẹni tó bá ti wo bí wọ́n ṣe ń pín in lẹ́ẹ̀kan ò ní pè é ní ọpẹ́ mọ́. Ẹni tó sún mọ́ ẹni tó ń pín in gba mẹ́ta. Ẹni tó jókòó lọ́nà jíjìn kò rí ọ̀kan. Àbúrò ìyá ọmọ ti tọ́jú díẹ̀ sábẹ́ ibùsùn fún àwọn ọ̀rẹ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í tiẹ̀ ṣe onínàáwó ló rà á: ọ̀rẹ́ ìyàwó ló ṣe ike, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ẹgbẹ́ ìyá ọkọ ṣe táwẹ̀lì, wọ́n tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí i. Ọ̀rẹ́ ìyàwó ló wá ń bá ọkọ ìyàwó dúpẹ́ nìyẹn? Bí ike bá jẹ́ ọpẹ́, a jẹ́ pé ẹni tó fún wọn ní 500 sídì tó sì tètè lọ, wọn ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó já wọlé láti ojú títì, tí kò mọ orúkọ ọmọ, tó kó ike mẹ́ta lọ, òun ni wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà mẹ́ta. Ṣé ohun tí wọ́n fẹ́ sọ nìyẹn?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá gbòòrò jù ni ti owó. Ohun méjì ni àlejò ń gbé wá síbi ìnáwó: ẹsẹ̀ rẹ̀ àti owó rẹ̀. Ẹsẹ̀ ò farasin. Gbogbo ayé ló rí i pé ó wá. Ṣùgbọ́n owó máa ń gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú orí, ẹlòmíràn ló ń ṣà á nílẹ̀. Èyí tó wà nínú àpòòwé, ẹlòmíràn ló ń gbà á sínú báàgì. Èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé, ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Láàárín ẹni tó fún ni àti ẹni tí a fún, ta ló lè jẹ́rìí pé owó dé ibi tó ń lọ? Ọpẹ́ ni ẹlẹ́rìí náà, kò sì sí òmíràn.

Mo bá ìdílé kan jókòó ti ìwé wọn lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, nínú kọ́ńpáùndù kan tí kò jìnnà sí oríta Anlóga. Ìwé àjákọ lásán ni, irú èyí tí ọmọ iléèwé ń lò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló jókòó ti tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ó fa ìlà sí i: orúkọ lọ́wọ́ òsì, iye owó lọ́wọ́ ọ̀tún. Lójú rẹ̀, iṣẹ́ ti pé. Nígbà tí ìyá bàbá ọmọ ní kí wọ́n máa kà á sí òun létí ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. "Ìyá Bàṣírù" wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni àwọn méjèèjì. "Alhaji" wà níbẹ̀ láìsí orúkọ tó tẹ̀lé e. Ní àdúgbò yìí, bí èèyàn bá ké "Alhaji" lójú títì, ọkùnrin mélòó ni yóò yíjú? Àpòòwé mẹ́ta ò ní orúkọ. Owó kan wọ orí fóònù bàbá ọmọ láti ọ̀nà MoMo pẹ̀lú orúkọ obìnrin Àṣáńtì kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ó di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó rí i pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ló fi í ránṣẹ́, orí nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ ló sì ti fi í ránṣẹ́. Paríparí rẹ̀, wọ́n ka owó tó wà nínú báàgì, ó fi 450 sídì ju ohun tó wà nínú ìwé lọ. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, bákan náà ni. Owó ta ni?

Lọ́jọ́ kejì, bàbá ọmọ àti ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ kiri, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ màmá kan tó ń ta aṣọ. Mo wà pẹ̀lú wọn. Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú àná o."

"Ẹ kú ìnáwó o. Ọmọ ńkọ́? Ìyá ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, mà. A ní ká wá dúpẹ́ ẹsẹ̀ tí ẹ yà sọ́dọ̀ wa. Ẹ ti ìsọ̀ nítorí tiwa. Ẹsẹ̀ ayọ̀ la ó fi máa wá sọ́dọ̀ ara wa."

"Àmín, Àmín."

"A tún dúpẹ́ owó, mà. 50 sídì yín tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ọlọ́run á fi púpọ̀ dípò rẹ̀."

Màmá náà ò ṣe Àmín. Ó wo ìyá bàbá ọmọ, ó ní: "50 ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Ìyá bàbá ọmọ kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni ẹ fún wa?"

"500 ni."

Odo kan ṣoṣo ló já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọ̀wé. Wọ́n ti rí ẹni tó ni 450 sídì. Bàbá ọmọ àti ìyá rẹ̀ tún dúpẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, ó sì parí síbẹ̀.

Ẹ wá bá mi rò ó: ká ní wọn ò lọ ńkọ́? Ká ní ike ti bá wọn dúpẹ́, tí Wáásáàpù ti bá wọn dúpẹ́? 50 ni ì bá wà nínú ìwé náà títí ayé. Lọ́jọ́ tí màmá yìí bá ń gbéyàwó fún ọmọ tirẹ̀, wọ́n á ṣí ìwé, nítorí gbogbo wa la máa ń ṣí i, wọ́n á rí 50, wọ́n á fi nǹkan díẹ̀ lé e, wọ́n á mú 70 lọ. Wọ́n á rò pé àwọn ṣe dáadáa. Màmá náà á gba 70, á rántí 500, á sì dákẹ́. Kò ní bi wọ́n, torí àgbà kì í bèèrè irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn lọ, bí wọ́n bá kí i, á kàn dáhùn lásán. Wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un láé. Irú ìjà báyìí pọ̀ nílẹ̀ yìí ju ìjà tí èèyàn ń jà lójú títì lọ, odo tó já bọ́ àti ọpẹ́ tí wọn ò dú ló sì ń dá a sílẹ̀. Gbohùngbohùn wo ló lè rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀? Ike wo ló lè bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èló ni ẹ fún wa?"

Àwọn tó ń sọ pé ayé òde òní ni a wà, kí wọ́n wo àwọn onílé wa. Ilẹ̀ Àṣáńtì la ń gbé. Lábẹ́ àṣà wọn, ẹ̀bùn tí a kò dúpẹ́ rẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí ò tíì di ẹ̀bùn. Bí bàbá bá fún ọmọ rẹ̀ ní ilé tàbí ilẹ̀, ọmọ náà á mú ọtí tàbí owó wá, á fi dúpẹ́ lójú ẹbí àti àwọn tó péjọ. Aseda ni wọ́n ń pe ọpẹ́ yìí. Bí ìjà bá dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí ọ̀ràn dé kóòtù, ọ̀kan lára ohun tí adájọ́ ní Gánà máa ń wádìí nípa ẹ̀bùn tí wọ́n fún ni lábẹ́ àṣà ni pé, ṣé ẹni tí wọ́n fún un dúpẹ́, ta ló sì wà níbẹ̀? Adájọ́ tó wọ ẹ̀wù dúdú, tó kàwé òfin òyìnbó, ò ka ọpẹ́ sí àṣà àtijọ́. Kí ló dé tí àwa tó ń ta ọjà ní Kejetia fi wá lajú jù ú lọ?

Àwa àlejò ló sì yẹ kó ká lára jù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí wọ́n kó jáde ní Gánà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá ló fi ìsọ̀, ilé àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, tí wọ́n gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀fà lọ. Àwùjọ tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí mọ̀ pé kò sí ohun tí èèyàn ní nílẹ̀ àjèjì ju àwọn tó mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ. Owó ìsọmọlórúkọ tí a ń gbé fún ara wa, ọ̀nà tí a fi ń so ara wa mọ́ra ni. Bí o bá gba owó náà tí o kò mọ ẹnu ọ̀nà ẹni tó fún ọ, kí lo gbà?

Ó ku ti àkókò àti ti ojú títì. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni pa ìsọ̀ tì fún oṣù kan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Lálẹ́ ọjọ́ ìnáwó, kí àwọn tó kọ̀wé tó gbàgbé ojú, wọ́n á ka ìwé náà sókè, wọ́n á kọ àdúgbò sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ìyá ọkọ á mú àwọn ará Aboabo, bàbá ọmọ á mú àwọn ará Oforikrom, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á mú àwọn ọlọ́jà. Alfa, àwọn tó dáná àti àwọn tó yá wọn ní ẹní àti ìkòkò ló ń ṣíwájú, lọ́jọ́ kejì gan-an. Ìyá ọmọ ò sí lára àwọn tó ń rìn, torí kò tíì pé ogójì ọjọ́. Níbi ìgbéyàwó, tọkọtaya ló ń jọ lọ, wọ́n sì ti ipa bẹ́ẹ̀ mú ìyàwó mọ ilé àwọn ẹbí. Wọn kì í lọ lásìkò oúnjẹ, wọn kì í jókòó pẹ́. Bó bá jẹ́ ìsọ̀ ni wọ́n ti bá èèyàn, wọ́n á dúpẹ́ ẹsẹ̀ lójú oníbàárà, wọ́n á fa onítọ̀hún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó dárúkọ owó. Àwọn tó wà ní Àkírà àti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á pè wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbọ́ ohùn. Ẹ ò rí i pé mi ò bá fóònù jà? Èyí tí mo ń bá jà ni ọ̀rọ̀ kan tí a jù sójú gbogbo ayé, tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta wá aṣọ ẹbí, tó rà á, tó pín in, tó gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn ní ìkọ̀ọ̀kan, kò gbọ́dọ̀ sọ fún mi pé òun ò ráyè dúpẹ́. Nígbà tó ń gba owó aṣọ, ṣebí ó mọ ilé gbogbo wọn?

Ọ̀rọ̀ ìdọ́gba olówó àti tálákà ló kù. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Alhaji tó gbé 2,000 sídì kalẹ̀, ta ni kò mọ̀ pé wọ́n ti dé ilé rẹ̀ kí ọjọ́ kejì tó ṣú? Àwọn tó ń sọ pé gbohùngbohùn ti dúpẹ́ fún gbogbo èèyàn kì í jẹ́ kó dúpẹ́ fún olówó. Ìyá tó mú 20 sídì wá ni wọ́n fi sílẹ̀ fún gbohùngbohùn. Ìdọ́gba tí wọ́n ń pariwo ò sí níbì kankan. Ìgbà tí a bá lọ sílé gbogbo wọn nìkan ni ẹni 20 sídì àti ẹni 2,000 sídì á gba ohun kan náà: èèyàn tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìdí sì nìyẹn tí a fi ń dúpẹ́ ẹsẹ̀ ṣáájú owó. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀, tó wá ká ṣẹ́ẹ́tì, tó gbá ilẹ̀, tó bá wọn ṣe Àmín, ọpẹ́ tirẹ̀ pé láìsí owó. Ẹni tó mú owó wá gba ọpẹ́ ẹsẹ̀ ná, kó tó gba ti owó, kó má baà rò pé àpò òun nìkan ni wọ́n rí. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ láìwá gba ti owó, wọ́n á sì sọ fún un pé àwọn wá a lójú agbo. Iye owó ò kan ẹlòmíràn. Láàárín ìwọ àti ẹni tó fún ọ nìkan ló wà. Orí gbohùngbohùn ni a ti ń dójú ti tálákà, níbi tí wọ́n ti ń pariwo iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá. Kò sẹ́ni tí ọpẹ́ inú ilé dójú tì rí.

Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ fún mi mọ́ pé adarí ètò ti dúpẹ́. Owó iṣẹ́ rẹ̀ lẹ san fún un, ẹ ò san án fún ọpẹ́. Ẹ má ṣe fi ike hàn mí. Ẹ má ṣe fi fóònù hàn mí. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ yín ní ẹ̀tọ́ sí ẹsẹ̀ yín. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún yín lówó ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ lẹ́nu yín pé ó dé, àti iye tó dé. Ẹni tó gba méjèèjì tó jókòó sílé kò yàtọ̀ sí ẹni tó jí i. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní lè dúpẹ́ lọ́wọ́ igba èèyàn, ẹ pe ogójì. Bí ẹ bá ti wá pe igba, ẹ gbé ìwé yín, ẹ wọ bàtà, ẹ máa lọ.

Ìyá tó ń gbé lẹ́yìn ilé yín, tó dáná ìsọmọlórúkọ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, wà nílé báyìí. Ẹ lọ kí i kú àná.